Àpótí àti ìdérí nínú fáìlì kan: bẹ́ẹ ṣe máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde fún ẹni tó máa ṣe é

Ẹ jẹ́ ká fi àpótí kóńtúrólà sólà ṣe é, irú èyí táwọn tó ń fi sólà sílé fún èèyàn l'Óṣogbo níbí máa ń wá. Mílímítà 120 ni gígùn ẹ̀, fífẹ̀ ẹ̀ 80, gíga 40, ara ẹ̀ nípọn tó 3, ó sì ní ìdérí. Tẹ́ ẹ bá ya àpótí sínú fáìlì tiẹ̀, ẹ ya ìdérí sínú tiẹ̀, ọjọ́ tí oníbàárà bá ní kẹ́ ẹ fi 10 kún gígùn, àpótí nìkan lẹ máa rántí tún ṣe. Inú fáìlì kan náà ni kẹ́ ẹ fi méjèèjì sí jàre. FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya nǹkan, ni mo máa lò torí ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ wọ PartDesign nínú FreeCAD, ẹ dá Body kan, ìyẹn ibi tí gbogbo iṣẹ́ lórí ẹ̀yà kan máa ń wà, ẹ sọ ọ́ ní `apoti`, ẹ ya àpótí yẹn tán síbẹ̀. Ẹ wá dá Body kejì fún `ideri`, ẹ má yà á sínú ti àkọ́kọ́ o, torí ẹ fẹ́ yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde lọ́tọ̀. Bí `ideri` ṣe wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ tẹ ojú òkè àpótí, kẹ́ ẹ tẹ SubShapeBinder, òun ló máa jẹ́ kí ìdérí máa tẹ̀ lé àpótí tẹ́ ẹ bá yí ìwọ̀n padà. Inú àpótí jẹ́ 114 sí 74, ẹ fi 0.3 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ètè ìdérí tó máa wọ inú á wá di 113.4 sí 73.4. Tó bá fún jù bẹ́ẹ̀ lọ, tipátipá ló máa fi wọlé.

Ó wá ku kẹ́ ẹ yọ wọ́n jáde. Ẹ tẹ orúkọ `apoti` nìkan lápá òsì níbi tí orúkọ gbogbo wà, ẹ lọ sí File > Export, ẹ mú STL tó bá jẹ́ pírińtà 3D ló ń lọ, STEP tó bá jẹ́ oní-CNC tó ń fi ẹ̀rọ gé nǹkan. Ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ fún `ideri`. Tẹ́ ẹ bá di Ctrl mú tẹ́ ẹ mú méjèèjì pọ̀, fáìlì kan ṣoṣo ló máa jáde, ìdérí á sì wà lórí àpótí nínú ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ Pad kan, ìyẹn ìpele iṣẹ́ kan nínú Body, lẹ tẹ̀ dípò Body fúnra ẹ̀, iṣẹ́ ò ní dé ìparí, ibi tí Pad yẹn dé náà ló máa jáde.

Èyí tó máa ń dani láàmú jù ni Tip, ìyẹn àmì tó ń sọ iṣẹ́ tí Body parí sí. Ibi tí Tip bá wà ni Body máa ń yọ jáde, torí náà ẹ lè máa rí ihò wáyà lójú kọ̀ǹpútà, kó má sì sí nínú fáìlì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ iṣẹ́ tó kẹ́yìn, ẹ mú Set Tip, ẹ wá yọ ọ́ jáde lákọ̀tun.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ṣí fáìlì tó jáde yẹn lọ́tọ̀, ẹ wo ihò ẹ̀, ẹ sì wọn gígùn ẹ̀ bóyá 120 ni. STL ò kì í gbé orúkọ ìwọ̀n dání, nọ́ńbà lásán ló wà nínú ẹ̀, torí náà ẹ kọ ọ́ sí oní-pírińtà pé mílímítà ni.