Ẹ má fi aṣọ dá ènìyàn mọ̀ nínú fọ́tò

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kọ orúkọ tàbí ẹ̀yà sábẹ́ fọ́tò àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Níbi ìgbéyàwó, aṣọ ẹbí kan náà ni ẹbí àti ọ̀rẹ́ sábà máa ń wọ̀. Ọ̀rẹ́ ìyàwó tó jẹ́ ọmọ Íbò lè wé gèlè ju àwa gan-an lọ. Ìborùn náà ńkọ́? Ìyá ìjọ ń dà á borí, ìyá àlhájì ń dà á borí. Orúkọ pàápàá ń tanni: pásítọ̀ lè máa jẹ́ Làwàl, torí bàbá bàbá rẹ̀ ló ń kírun. Ilà ojú ò sì sí lójú ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá mọ́. Ẹ yí fọ́tò padà, ẹ wò bóyá wọ́n kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá sí, “obìnrin tó wé gèlè aró” ni kí ẹ kọ.