Ọjọ́ iṣẹ́ 15: bí a ṣe ń ka ọjọ́ tí owó ẹrù oko yóò wọlé

Ẹ já ẹrù sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n fún yín ní rìsíìtì. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé owó yín yóò dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15. Ọjọ́ iṣẹ́ kì í ṣe ọjọ́ lásán. Ọjọ́ tí ọ́fíìsì àti báǹkì bá ṣílẹ̀kùn nìkan ni: Ajé títí dé Ẹtì, láìka Àbámẹ́ta àti Àìkú mọ́ ọn, láìka ọjọ́ tí ìjọba bá kéde ọlidé mọ́ ọn. Mo ti bá àwọn èèyàn parí ìjà lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà mìíràn, àgbẹ̀ tó ń bínú àti akọ̀wé tí wọ́n ń bínú sí, àwọn méjèèjì ló kà á ṣì.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó kó pákí lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sítáàṣì ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, ọdún 2024. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú àsìkò yẹn ni, torí ọdún Àjíǹde àti ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí lọ́dún náà.

Ọmọ ìyá yìí ka ọjọ́ 15 gbalaja, ó ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ni owó yóò dé. Aládùúgbò wọn mọ̀ pé a kì í ka òpin ọ̀sẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta géérégé ni ọjọ́ iṣẹ́ 15, pé kí ìyá lọ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 10. Ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ gan-an ni ọjọ́ 10 yẹn. Bí ìyá bá lọ, ọlọ́dẹ nìkan ni yóò bá lẹ́nu géètì.

Ó yá, ẹ mú kàlẹ́ńdà àti bírò, ká kà á bó ṣe yẹ. Ọjọ́ tó já ẹrù kò sí nínú kíkà, nítorí náà Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21 ni ọjọ́ kìíní, Ẹtì ọjọ́ 22 sì ni ìkejì. A fo Àbámẹ́ta àti Àìkú. Láti Ajé ọjọ́ 25 dé Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 28 jẹ́ mẹ́rin, ó di mẹ́fà. Ọjọ́ 29 jẹ́ Ẹtì Rere, a fò ó. Ajé ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin jẹ́ Ajé Àjíǹde, òun náà ń lọ. Láti Ìṣẹ́gun ọjọ́ 2 dé Ẹtì ọjọ́ 5 jẹ́ mẹ́rin sí i, ó di mẹ́wàá. Ajé ọjọ́ 8 ni ìkọkànlá. Ọjọ́ 9, ọjọ́ 10 àti ọjọ́ 11 jẹ́ ọlidé Ìtúnu Ààwẹ̀. Ẹtì ọjọ́ 12 ni ìkejìlá, Ajé ọjọ́ 15 ni ìkẹtàlá, Ìṣẹ́gun ọjọ́ 16 ni ìkẹrìnlá, Ọjọ́rú ọjọ́ 17 ló wá pé 15. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ni owó ìyá pé, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko sí ọjọ́ tó já ẹrù.

Ọjọ́ wo ni ọjọ́ kìíní?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú láàárín àwa Yorùbá àti ọ́fíìsì. Bí bàbá wa ṣe ń kà, òní wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, Ajé tó tẹ̀ lé e la ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ, torí pé ọjọ́ tí a bí i la fi bẹ̀rẹ̀. Bí òní bá jẹ́ Ẹtì, Ọjọ́rú ni ìjẹta: Ẹtì kan, Ọjọ́bọ̀ méjì, Ọjọ́rú mẹ́ta. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún náà, ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láti orí ọjà kan sí èkejì.

Ọ́fíìsì kì í kà bẹ́ẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá yẹn bá ka ọjọ́ tó já ẹrù mọ́ ọn, Ìṣẹ́gun ọjọ́ 16 ni 15 yóò pé lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì pariwo pé wọ́n ti jẹ òun ní ọjọ́ kan. Wọn ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Bí ìwé bá kàn kọ "láti ọjọ́ tí a gba ẹrù", ẹ bi akọ̀wé kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀ pé ṣé ọjọ́ yẹn wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí rìsíìtì lẹ ó lò, kì í ṣe ọjọ́ tí mọ́tò gbéra lóko. Ẹrù tó dé lálẹ́ Ẹtì tí wọn ò wọ̀n títí di Ajé, Ajé ni rìsíìtì rẹ̀ ń sọ.

Àkọsílẹ̀ ọlidé

Ẹ kọ ọlidé ọdún kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan, kí ẹ pín in sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ẹ lè fi bírò kọ ni àwọn tí ọjọ́ wọn kì í yẹ̀: ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún tó jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 25 àti 26 oṣù Kejìlá. Ẹtì Rere àti Ajé Àjíǹde ń yí lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n a ti máa ń mọ̀ wọ́n tipẹ́, kàlẹ́ńdà kò lè purọ́ fún yín níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń lo àkọsílẹ̀ àtijọ́ tó fi ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ṣe Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa, kó pa á rẹ́. Láti 2019, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ló gba ipò yẹn.

Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, Iléyá àti Máọ́lúùdì. Oṣù ojú ọ̀run ló ń pinnu wọn. Ẹ wo 2024 tí a ń sọ yìí: ìjọba àpapọ̀ ti kéde ọjọ́ 9 àti 10 oṣù Kẹrin ṣáájú. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ 8, wọn ò rí oṣù, ààwẹ̀ pé 30, ọdún bọ́ sí ọjọ́ 10, ìjọba sì fi ọjọ́ 11 kún un. Ẹni tó ti ṣírò owó rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta pẹ̀lú ọlidé méjì, ọjọ́ 16 ló kọ. Kò ṣàṣìṣe nígbà tó kà á, àkọsílẹ̀ ló yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, bí ọdún kan nínú mẹ́ta yìí bá bọ́ sáàárín ọjọ́ tí ẹ ń kà, ẹ tún un kà lẹ́yìn tí ọdún bá ti kọjá.

Nǹkan méjì mìíràn tún wà. Bí ọlidé bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, ìjọba sábà máa ń gbé ìsinmi rẹ̀ sí Ajé. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2023 jẹ́ Àìkú, Ajé ọjọ́ 2 ni wọ́n fi sinmi. Ọjọ́ 2 yẹn ni ẹ ó yọ. Bí ẹ bá tún yọ ọjọ́ 1, ẹ ti yọ Àìkú lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì ni ọlidé ìpínlẹ̀, irú èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá ń kéde fún Ìsẹ̀ṣe ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ. Ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lè tì, ṣùgbọ́n báǹkì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Bí báǹkì ló ń san owó yín, ẹ má yọ ọ́.

Ọ̀nà àbùjá

Bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ méjèèjì, tó jẹ́ iye ọjọ́ iṣẹ́ tó wà láàárín wọn lẹ ń wá, kò sí ìdí láti máa fi ìka kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ tó pé, kí ẹ sọ ọ́ ní ìlọ́po márùn-ún. Ẹ fi ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tó pé kún un, kí ẹ wá yọ ọlidé tó bọ́ sáàárín Ajé àti Ẹtì. Láti Ọjọ́rú ọjọ́ 20 sí Ọjọ́rú ọjọ́ 17 jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sí èyí tó ṣẹ́ kù. Mẹ́rin lọ́nà márùn-ún jẹ́ 20. Ọlidé jẹ́ márùn-ún. Ó ku 15.

Lórí fóònù

Ẹni tó ní Excel tàbí Google Sheets lórí fóònù lè jẹ́ kó kà á fún òun. Ẹ kọ ọlidé márààrún sínú D2 dé D6, kí ẹ tẹ èyí sínú àpótí mìíràn:

```
=WORKDAY(DATE(2024,3,20),15,D2:D6)
```

Bí ó bá gbé 45399 jáde, kò bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ka ọjọ́ nínú ara rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yí àpótí náà sí ọjọ́, yóò di ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin. Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ iye ọjọ́ iṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì, èyí ni:

```
=NETWORKDAYS(DATE(2024,3,20),DATE(2024,4,17),D2:D6)
```

16 ni yóò sọ, kì í ṣe 15. Ẹ má bẹ̀rù. NETWORKDAYS ń kà bí àwọn bàbá wa ṣe ń kà, ó ń ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. WORKDAY ń kà bí ọ́fíìsì. Ẹ yọ ẹyọ kan kúrò nínú ti NETWORKDAYS bí ọjọ́ tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, àwọn méjèèjì á bára mu.

Ohun tó sábà ń ba iṣẹ́ jẹ́ lórí fóònù ni bí a ṣe tẹ ọlidé. Ẹ tẹ 9/4/2024, ohun tó wà lọ́kàn yín ni ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n fóònù tí wọ́n tò bíi ti Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Kò ní pariwo, kò kàn ní yọ ọlidé yẹn ni. 29/3/2024 ní tirẹ̀, kò sí oṣù kọkàndínlọ́gbọ̀n, yóò fi sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, `#VALUE!` sì lè jáde. Ẹ fojú wo àpótí náà: èyí tó bá fara ti apá òsì jẹ́ ọ̀rọ̀, ọjọ́ gidi máa ń fara ti apá ọ̀tún. Ọ̀nà tí kò ní wàhálà ni kí ẹ tẹ `=DATE(2024,4,9)` fún ọlidé kọ̀ọ̀kan.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbámẹ́ta

Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń gba ẹrù ní Àbámẹ́ta, wọ́n sì ń kà á sí ọjọ́ iṣẹ́. Bí ìwé wọn bá sọ bẹ́ẹ̀, Àìkú nìkan lẹ ó fò. Lórí fóònù, 11 ló ń sọ fún un pé Àìkú nìkan ni òpin ọ̀sẹ̀:

```
=WORKDAY.INTL(DATE(2024,3,20),15,11,D2:D6)
```

Bí a bá kà á bẹ́ẹ̀ fún ìyá wa, Àbámẹ́ta mẹ́ta wọlé, owó rẹ̀ sì pé ní Ẹtì ọjọ́ 12 dípò Ọjọ́rú ọjọ́ 17. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ilé iṣẹ́ lè ka Àbámẹ́ta, kí akọ̀wé owó wọn má wá sí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí báǹkì sì tì. Bí ọjọ́ tó pé bá wá bọ́ sí Àbámẹ́ta, Ajé ni kí ẹ tó lọ.