Bí mo ṣe mú kíkan kúrò nínú kọfí mi

Kọfí Etiópíà tí wọn ò yan dúdú ni mo ń sẹ́ nílé, gíráàmù 15 sí omi gíráàmù 250, nínú asẹ́ oníbébà. Ó kan ju bó ṣe yẹ lọ, kíkan tó ń fa ahọ́n, ó sì tún dà bí omi lásán. Kò sí adùn kankan tó tẹ̀ lé e.

Aago ló tú àṣírí. Omi ti jò tán kí ìṣẹ́jú 1 ààbọ̀ tó pé. Ohun tó ń mú kọfí kan ló máa ń tètè jáde sínú omi. Adùn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìkorò ló ń kẹ́yìn. Bí omi bá sáré kọjá, kíkan ló máa pọ̀ jù nínú ohun tó kó lọ. Kọfí tí iná ò pa púpọ̀ sì le, kì í tètè tú nǹkan inú rẹ̀ sílẹ̀.

Mi ò fi kọfí kún un, torí ìyẹn á kàn mú kíkan náà le sí i ni. Mo lọ̀ ọ́ kó túbọ̀ kúnná, títí ó fi rí bí iyọ̀ ọbẹ̀ lọ́wọ́. Omi wá lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 ààbọ̀, kíkan sì rọlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo da omi sí i ní kété tó hó, láìjẹ́ kó fẹ́ sí atẹ́gùn. Adùn rẹ̀ wá hàn gbangba.

Ẹ má yí nǹkan méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Bó bá ń korò tó sì ń gbẹ ẹnu, ó ti kúnná jù nìyẹn. Kíkan díẹ̀ tó dùn mọ́ ẹnu ò ní tán lára kọfí Etiópíà, mi ò sì fẹ́ kó tán.