Àwọn àṣìṣe tó ń mú kí páàdì falẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n

Ẹ ti tẹ bọ́tìnì pé kí agbábọ́ọ̀lù yín gbá a sílé, ṣùgbọ́n kí ó tó gbé ẹsẹ̀, alátakò ti gba bọ́ọ̀lù lọ. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó ń gbá FIFA lórí PS4 ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe é. Á yí síìmù padà, á ra dátà míì, á gbé ráútà sún mọ́ ẹ̀rọ géèmù. Tó bá yá, á tún ra páàdì tuntun. Páàdì tuntun náà á sì máa falẹ̀ bíi ti àtijọ́, torí pé inú tẹlifíṣọ̀n ni ẹjọ́ náà wà.

Ẹ má náwó kankan kí ẹ tó mọ ibi tó ti ń falẹ̀. Ẹ yọ íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò, kí ẹ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tàbí pẹ̀lú ẹni tó jókòó tì yín. Tó bá ṣì ń falẹ̀, ọwọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù, torí pé kò béèrè ju yíapíìsì oníwáyà tí ẹ fi ń gbọ́ orin lórí fóònù lọ. Ẹ fi í bọ ihò tó wà nísàlẹ̀ páàdì PS4. Ẹ wọ Settings, Devices, Audio Devices, kí ẹ yan All Audio níbi Output to Headphones. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sójú ìwé àkọ́kọ́ PS4, kí ẹ máa tẹ ọfà lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni ohùn kékeré kan máa ń dún. Ohùn tó ń gba páàdì bọ̀ yìí kò kọjá lára tẹlifíṣọ̀n rárá, àwòrán nìkan ló gba ibẹ̀. Tí ẹ bá ti ń gbọ́ ohùn náà kí ẹ tó rí i pé àmì ojú ìwé sún, tẹlifíṣọ̀n yín ń fi àwòrán pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbé e jáde. Ohùn páàdì fúnra rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí náà bí ẹ bá rí àlàfo yìí, àlàfo tó wà níbẹ̀ gan-an tóbi ju ohun tí ẹ gbọ́ lọ.

Kí ni tẹlifíṣọ̀n ń fi àwòrán ṣe? Ó ń tún un ṣe ni. Ó ń nu àbàwọ́n ojú rẹ̀, ó ń yí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn rẹ̀ padà. Èyí tó ń gba àkókò jù nínú gbogbo rẹ̀ ni iṣẹ́ tó ń mú kí fíìmù máa yọ̀ lójú, tí Samsung ń pè ní Auto Motion Plus tàbí Picture Clarity, tí LG ń pè ní TruMotion, tí Sony ń pè ní Motionflow. Kí iṣẹ́ yìí tó lè fi férémù àtọwọ́dá sáàárín méjì, ó gbọ́dọ̀ di ti ìsinsìnyí mú títí tó fi máa rí èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Fún fíìmù, kò sí wàhálà, ta ni yóò mọ̀ pé fíìmù fi ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́? Ẹni tó di páàdì mú ni yóò mọ̀. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tí kò sí ní Game Mode, ìyẹn ètò tó ń pa àwọn iṣẹ́ àtúnṣe yìí nítorí géèmù, máa ń pẹ́ tó ọgọ́ta mìlísẹ́kọ́ńdù sí ọgọ́rùn-ún, àwọn kan sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá tan Game Mode, àwọn tí wọ́n ṣe dáadáa lónìí máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí bíi mẹ́wàá sí ogún. PS4 ń gbé férémù kan jáde ní bíi mìlísẹ́kọ́ńdù 16.7, ẹ wá fojú wo iye férémù tó ti kọjá lọ kí ẹ tó rí ohun tí ẹ tẹ̀.

Ẹ má fi Auto lé e lọ́wọ́ kí ẹ sì lọ sùn

Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyí, àwọn tó sì ra tẹlifíṣọ̀n tuntun ló ń ṣe é jù. Olùtà ti sọ fún wọn pé tẹlifíṣọ̀n náà máa dá géèmù mọ̀ fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ géèmù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí i. Orúkọ iṣẹ́ tó ń rán ni ALLM. PS5 àti Xbox Series X ń rán an. PS4 kì í rán an. Nítorí náà, tí ẹ bá so PS4 mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí Game Mode rẹ̀ wà ní Auto, ó lè máa retí iṣẹ́ tí kò ní dé láéláé, kó sì máa fi Standard ṣeré. Ẹ gbé e sí On fúnra yín.

Lórí ọ̀pọ̀ Samsung, Settings, General, External Device Manager, Game Mode Settings ni ẹ máa gbà débẹ̀. Lára àwọn tuntun, abẹ́ Connection ló kó lọ. Lórí LG, inú Picture Mode ni ẹ ti máa rí Game, tàbí Game Optimizer lórí àwọn tó jáde láti 2021. Lórí Sony àti Hisense náà, inú Picture Mode ni Game wà.

Bí ẹ bá débẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ṣú tí kò ṣe é tẹ̀, ẹ má sọ pé ó ti bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìkànnì tẹlifíṣọ̀n ni ẹ ń wò lọ́wọ́. Ẹ tan PS4, ẹ bọ́ sórí HDMI rẹ̀, kí àwòrán rẹ̀ wà lójú, kí ẹ tó wọ sẹ́tíńgì. Ìdí mìíràn tún wà tó fi yẹ kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀: lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, ihò HDMI kọ̀ọ̀kan ló ní Picture Mode tirẹ̀. Ẹni tó yan Game nígbà tó ń wo díkódà ní HDMI 1 ti ṣe é fún díkódà, PS4 tó wà ní HDMI 2 kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bákan náà ni tí ọmọ ilé kan bá yọ wáyà géèmù láti ihò kan bọ òmíràn, ẹ ní láti tún un ṣe.

Àwòrán tó ṣá

Ọ̀pọ̀ ló máa ń tan Game Mode, tí wọ́n á rí i pé pápá tó tutù yọ̀yọ̀ lánàá ti ṣá, tí wọ́n á sì yára padà sí Vivid tàbí Dynamic. Wọ́n á ní kò dáa. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àwọn iléeṣẹ́ kan kì í ṣe àwọ̀ Game Mode dáadáa láti ilé wá. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kọ́ ló ń dá páàdì dúró. Backlight, Brightness, Contrast, Colour àti Colour Temperature kì í fi kún ìfalẹ̀. Ẹ dúró sínú Game Mode, kí ẹ gbé Backlight sókè. Tí ojú rẹ̀ bá pọ́n jù tàbí tó ń fà sí búlúù, ẹ yí Colour Temperature díẹ̀díẹ̀ títí tí aṣọ funfun àwọn agbábọ́ọ̀lù á fi dà bí funfun. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dá padà ni àwọn tó ń nu àwòrán àtàwọn tó ń mú kó yọ̀. Samsung tilẹ̀ fi ọ̀kan sínú Game Mode gan-an, Game Motion Plus ni wọ́n ń pè é. Orúkọ rẹ̀ ló ń tan èèyàn, ó ń fi ìfalẹ̀ kún un. Ẹ pa á.

Ohun tó wà láàárín PS4 àti tẹlifíṣọ̀n náà yẹ ní wíwò. Àwọn ilé géèmù máa ń fi ẹ̀rọ kékeré pín àwòrán sí ojú méjì, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ mìíràn sọ HDMI di wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Èyí tó ń yí àwòrán padà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ so PS4 tààrà kí ẹ lè mọ̀. Tó bá jẹ́ pé ohùn nìkan ló ń pẹ́, tí àwòrán ń yára, ẹ wo Bluetooth: sípíkà tàbí yíapíìsì aláìníwáyà tí ẹ so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Game Mode ò sì lè tún un ṣe.

Bí ẹ ṣe lè fojú rí i

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí lè lo fóònù tó ń ya fídíò oníjẹ̀lẹ́ńkẹ́ ní férémù 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé fóònù síbi tó ti lè rí àtàǹpàkò yín lórí bọ́tìnì àti ojú tẹlifíṣọ̀n pọ̀. Ẹ tẹ ọfà lójú ìwé àkọ́kọ́ PS4 nígbà bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fídíò náà lọ ní férémù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka iye tó wà láàárín ìgbà tí bọ́tìnì wọlé àti ìgbà tí àmì kọ́kọ́ sún. Férémù kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní mìlísẹ́kọ́ńdù mẹ́rin.

Ká ní ẹ ka 44 nígbà tó wà ní Vivid, bíi 183 mìlísẹ́kọ́ńdù nìyẹn. Ẹ tan Game Mode, ẹ tún un yà, ẹ wá ka 25, tó jẹ́ bíi 104. Ẹ má wulẹ̀ bínú pé 104 ṣì pọ̀, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ni ín: páàdì, PS4 àti ojú ìwé náà fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ẹ ń wá. Férémù 19 ni, bíi 79 mìlísẹ́kọ́ńdù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó férémù márùn-ún nínú géèmù. Èyí ni Game Mode gbà padà fún yín. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá jọra, Game Mode kò tíì tàn lórí HDMI yẹn, tàbí kẹ̀, Game tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ju àyípadà àwọ̀ lásán lọ, mo ti rí irú rẹ̀ lára àwọn tẹlifíṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú. Nírú ibẹ̀, ẹ pa gbogbo iṣẹ́ àtúnṣe àwòrán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá sì jẹ́ Samsung tàbí LG àtijọ́ ni, ẹ yí orúkọ HDMI náà sí PC, kí ẹ tún fídíò náà yà.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n mìíràn nítorí géèmù, ẹ má tìtorí Motion Rate 120 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí rẹ̀ san owó. Kì í ṣe 120Hz. Ọ̀pọ̀ irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ jẹ́ 60Hz, iṣẹ́ tó ń mú fíìmù yọ̀ ni wọ́n fi nọ́ńbà yẹn ṣàpèjúwe, òun náà sì ni ẹ máa kọ́kọ́ pa nígbà tí ẹ bá délé. PS4 náà kì í gbé ju 60 jáde sórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá ní PS5 tàbí Xbox Series X ló yẹ kó máa béèrè 120Hz gidi, kó sì béèrè ihò HDMI tó ń gbé e, torí pé nígbà míì, ọ̀kan tàbí méjì péré nínú mẹ́rin ló lè ṣe é.