Ibi Tí Oògùn HIV Dé àti Ibi Tí Kò Dé: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ní ilé oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Rẹ́mọ, lemọ́lemọ́ ni mo ń rí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV, tí ó sì ti ná owó tabua sórí ohun tí kò lè ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni ilé ìwòsàn ìjọba fi ń fún un ní oògùn tí ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń dùn mí, nítorí pé orísun kan náà ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe wọ̀nyí ti ń wá: wọn kò mọ ibi tí oògùn ti ń dá kòkòrò náà dúró.

Àṣìṣe kìíní ni kí a máa ra amọkisilíìnì láti fi wo HIV. Ògiri ara bakitéríà ni oògùn yẹn ń wó, fáírọ́ọ̀sì kò sì ní irú ògiri bẹ́ẹ̀. Bí dókítà bá fún ni ní sẹ́pitírìn, àwọn àrùn mìíràn ni ó fi ń dènà.

Àṣìṣe kejì ni kí a ra lamifúdíìnì nìkan, nítorí pé ẹnì kan sọ pé òun náà wà nínú oògùn HIV. HIV kò lè dá pọ̀ sí i. Àfi kí ó wọ inú sẹ́ẹ̀lì CD4 wa, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń gbèjà ara. RNA ni ìwé àṣẹ rẹ̀, DNA sì ni tiwa, nítorí náà ó gbé akọ̀wé tirẹ̀ dání wá, ìyẹn ẹ́ńsáìmù tí à ń pè ní rifáàsì tiransikiripitéèsì, tí ó ń da RNA náà kọ sí DNA. Ní ọdún 1970 ni Howard Temin àti David Baltimore, tí olúkúlùkù wọn ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣàwárí irú ẹ́ńsáìmù yìí nínú fáírọ́ọ̀sì tí ó ń fa jẹjẹrẹ lára ẹranko. Sẹ́ẹ̀lì wa kò nílò akọ̀wé yìí láti ṣe ẹ̀dà DNA tirẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi lè dí i lọ́wọ́ láìpa sẹ́ẹ̀lì náà lára púpọ̀.

Bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ni akọ̀wé náà ṣe ń to DNA. Lamifúdíìnì àti tẹnófófíà, oògùn HIV mìíràn, jọ ìlẹ̀kẹ̀ gidi lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò wọn kò já; bí ó bá ti sín ọ̀kan, òmíràn kò lè tẹ̀ lé e mọ́, ẹ̀dà náà yóò sì dúró sí agbedeméjì. Ṣùgbọ́n akọ̀wé yìí kì í yẹ ohun tí ó kọ wò. Nínú ìwé tí ó gùn tó nǹkan bí 9,700 lẹ́tà, bí ó bá ṣèèṣì fi lẹ́tà G sí ipò A kan ṣoṣo, àṣìṣe tí a ń pè ní M184V, akọ̀wé tí yóò ti inú ẹ̀dà yẹn jáde yóò mọ lamifúdíìnì yàtọ̀, yóò sì máa kọ̀ ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irú rẹ̀ ni yóò gba ara kan. Ìdí tí a fi kó lamifúdíìnì 300 mílígíráàmù, tẹnófófíà 300 àti dolutẹ́gírafìà 50 sínú hóró kan nìyí: ó ṣòro kí àṣìṣe tí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sínú ẹ̀dà kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èyí tí ó ń bí mi nínú jù ni kí ènìyàn dá oògùn dúró nítorí pé àyẹ̀wò kò rí kòkòrò mọ́. Bàbá kan tí ó ń ta obì ní Ṣágámù gba èsì pé kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ òun kò tó 20 ẹ̀dà nínú mìlílítà kan. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ó kó oògùn tì, ó sì ra ìgò àgbo mẹ́fà tí wọ́n ní yóò fọ ìyókù kúrò. Nígbà tí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, iye náà ti di 86,000. Ó bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ó ti wá, nígbà tí ẹ ti ní kò sí?”

Mo ní, “Bàbá, a ò ní kò sí. A ní a ò rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ni.”

Bí akọ̀wé bá ti parí DNA, ẹ́ńsáìmù kejì, íńtígíréèsì, ni ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ DNA sẹ́ẹ̀lì wa gan-an. Dolutẹ́gírafìà ni ó ń dènà èyí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti lẹ̀ mọ́ ọn kí oògùn tó dé, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó lè tú u. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ń sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ìwé àṣẹ yẹn nínú, wọn kò sì ṣe kòkòrò kankan tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè kà. Lójoojúmọ́ ni díẹ̀ nínú wọn ń jí. Kòkòrò tí wọ́n bí jáde ń wọ sẹ́ẹ̀lì mìíràn, ibẹ̀ ni oògùn ti ń pàdé rẹ̀. Bí oògùn kò bá sí níbẹ̀, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ nìyẹn. A dá bàbá náà padà sórí hóró kan lóòjọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, iye náà ti wá sí ìsàlẹ̀ 50.

Ẹ má sì gbé oògùn afúnni-lẹ́jẹ̀ tí ó ní irin, tàbí oògùn inú-títa tí ó ní magnẹ́síọ̀mù, mì pọ̀ mọ́ hóró yìí. Dolutẹ́gírafìà yóò dì mọ́ wọn nínú ikùn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò sì wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lo hóró náà ní wákàtí méjì ṣáájú wọn, tàbí kí ẹ dúró di wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn.