Ibi tí ẹrẹ̀ gbígbẹ já sí

Láàárín Mopa àti Isanlu ni, nígbà ọyẹ́. Èmi àti àbúrò mi obìnrin ń ti Kabba bọ̀, Egbe là ń lọ. Mo ti ń wọ kọ́nà kan nígbà tí Siẹ́nà kan tó kó iṣu gé kọ́nà náà kọjá sọ́wọ́ tèmi. Mo tẹ búréèkì, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Igun iwájú lápá òsì ló ti gbá mi, ọkọ̀ mi sì yí bìrí. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Siẹ́nà ti padà sọ́wọ́ tirẹ̀, tèmi wá dábùú títì, imú rẹ̀ wà lọ́wọ́ tiwọn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á búra pé èmi ni mo ya lọ bá wọn.

Èèyàn la kọ́kọ́ wò. Ọrùn ọwọ́ ìyá oníṣu kan wú. Àbúrò mi fi ìborùn gbé ọwọ́ náà kọ́ mọ́rùn fún wọn, mo sì pe 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Mo gbé sí-kọ́ṣọ̀n mi lọ sẹ́yìn kọ́nà, ó tó 50 ìṣísẹ̀, torí ẹni tó ń sáré bọ̀ kò ní rí wa títí yóò fi dé orí wa. Ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa dúró ó ní, “Okun o,” ó sì bá wa dá àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì dúró.

Kí ẹnikẹ́ni tó ti ọkọ̀ kúrò ni mo yọ fóònù. Ibi táwọn ọkọ̀ dúró sí kọ́ ló ń sọ ibi tí wọ́n ti kọlu ara wọn. Tí ọkọ̀ méjì bá fẹnu kora, ẹrẹ̀ gbígbẹ tó ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ wọn á jábọ́ sórí ọ̀dà, ibi tó já sí kì í sì í jìnnà síbi tí wọ́n ti kọlura. Gíláàsì máa ń fọ́n ká, ẹrẹ̀ kì í sábà rìn. Òkìtì ẹrẹ̀ pupa yẹn wà lọ́wọ́ tèmi gan-an, ipa táyà mi sì parí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Mo fi bàtà mi kan síbẹ̀ kó hàn bó ṣe tóbi tó. Mo yà á láti òkèèrè, kí òpó iná tó wà létí ọ̀nà lè hàn pẹ̀lú kọ́nà àti ọkọ̀ méjèèjì. Mo sún mọ́ ọn díẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yà á. Kò tó ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn náà tí tírélà kan fi táyà gbá gbogbo ẹ̀ lọ.

Ìwé ọkọ̀ ló kàn. Tọ́ọ̀dì páàtì lèmi ní, kì í sì í tún ọkọ̀ ẹni tó ni ín ṣe. Ìnṣọ́ránsì ẹni tó gbá mi ni yóò sanwó, tí tiẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó. Mo ya fọ́tò ìwé ẹ̀rí rẹ̀ níbi tí nọ́ńbà ìwé, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ọjọ́ tó máa parí ti hàn. Ayédèrú pọ̀, nítorí náà mo tẹ *565*11#, mo fi nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sí i. Ó jáde. Ká ní kò jáde ni, ọwọ́ onímọ́tò fúnra rẹ̀ ni mi ò bá ti máa wá owó náà.

Awakọ̀ náà kó 40,000 náírà jáde. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ síbí.” Àánú ẹ̀ ṣe mí, àmọ́ mi ò gbà á. Ní tèṣàn ọlọ́pàá, àwọn èèyàn rẹ̀ tún gbé bébà kan wá pé a ti yanjú ẹ̀ láàárín ara wa. Mi ò tọwọ́ bọ̀ ọ́, torí bébà yẹn nìkan tó láti pa ẹjọ́ mi. Ohun tójú mi rí nìkan ni mo kọ sílẹ̀, mi ò sọ iye eré tó ń sá, torí mi ò mọ̀ ọ́n.

Mẹkáníìkì àti apánẹ́ẹ̀lì ní 620,000 náírà ni. Láti 2023, ọkọ̀ aládàáni tó ní tọ́ọ̀dì páàtì lè san tó mílíọ̀nù 3 fún dúkìá tó bà jẹ́, nítorí náà kò kọjá agbára ìwé rẹ̀. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ rán wá bi mí pé, “Kí ni imú ọkọ̀ yín ń wá lọ́wọ́ tirẹ̀?” Mo gbé fọ́tò ẹrẹ̀ jáde. Ó ní kí n má fi Wasáàpù ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, torí ó máa ń yọ ọjọ́ àti aago tó wà nínú ẹ̀ dànù. Ojúlówó ẹ̀ látinú fóònù ló fẹ́.

Ó wá béèrè ẹlẹ́rìí. Mi ò gba nọ́ńbà ọlọ́kadà yẹn! Ọjọ́ ọjà méjì gbáko ni mo fi dúró ní Mopa, tí mò ń wo ojú gbogbo ọlọ́kadà, kí n tó rí i.