Báàgì Yín Fọ́ Nínú Ọkọ̀ Òfuurufú? Ẹ Má Tíì Jáde ní Ẹ́pọ́ọ̀tì

Kánjúkánjú ló ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún àwa ará Ìkòròdú. Ọkọ̀ òfuurufú á balẹ̀ ní Ìkẹjà nírọ̀lẹ́, ẹni tó wá gbé wa á ti máa pe fóònù látìta pé go-síló ti bẹ̀rẹ̀ láti Kẹ́tù dé Máìlì 12, ká yáa máa bọ̀, la ṣe máa gbé báàgì tí táyà ẹ̀ ti yọ sórí tróólì tá a máa ní tá a bá délé a máa wò ó dáadáa. Àwọn tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì tiẹ̀ tún burú jùyẹn lọ, torí ilé wọn jìnnà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, tẹ́ ẹ bá ti gba ọ̀dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ padà wọlé síbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù mọ́. Ẹ ti di ará ìta nìyẹn.

Òfin tí wọ́n ń lò fún ìrìnàjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì, èyí tí wọ́n ṣe ní Mọ́ńtíríọ́ọ̀lì lọ́dún 1999, tí Nàìjíríà náà sì wà nínú ẹ̀, sọ pé tẹ́ ẹ bá gba ẹrù yín tẹ́ ò sọ nǹkan kan, wọ́n máa gbà pé ó dáa nígbà tẹ́ ẹ gbà á, àfi tẹ́ ẹ bá mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Táyà tó yọ nínú ọkọ̀ òfuurufú àti táyà tó yọ nígbà tẹ́ ẹ ń wọ́ báàgì kọjá gọ́tà ní Ìgbógbó, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ ní fọ́tò.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílùú tẹ́ ẹ ti ń bọ̀, ẹ ya fọ́tò báàgì yẹn, iwájú, ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ níbi táyà, àti ọwọ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fà á jáde. Níwájú síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn ẹrù ni mo ti máa ń ya tèmi, kí káńtà ẹ́láìnì wọn lè hàn lẹ́yìn ẹ̀. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí táàgì kékeré kan níbẹ̀, ẹ kà á o. Tí báàgì bá ti ní ìsán tẹ́lẹ̀ tàbí tó kún jù, wọ́n máa ń fún yín ní irú ẹ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí pé ibi tó ti bàjẹ́ yẹn kì í ṣe ẹjọ́ àwọn. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i, ó ti fún wọn ní èsì tí wọ́n máa fún un tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń fi nylon wé báàgì ní ẹ́pọ́ọ̀tì, owó wọn wọ́n jù lójú tèmi, bẹ́líìtì báàgì kan péré tó, pẹ̀lú àkísà àǹkárá lára ọwọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ lè tètè dá a mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé báàgì kúrò lórí bẹ́líìtì tó ń yí, ẹ yí i ká, ẹ fa ọwọ́ ẹ̀ jáde ẹ tì í padà, ẹ yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má já táàgì gígùn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ńbà mẹ́wàá ló wà lára ẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti bébà kékeré tí wọ́n fún yín pẹ̀lú bọ́dìn páàsì mu, òun ló ń sọ pé báàgì yìí, èyí tó fọ́ yìí, lẹ gbé fún wọn. Àwọn èèyàn máa ń já a dànù bí ẹni tó ń já léébẹ̀lì lára aṣọ tuntun, wọ́n á wá máa wá a nílé. Ẹ ya báàgì pẹ̀lú táàgì lára ẹ̀, kí bẹ́líìtì tó ń yí náà hàn nínú fọ́tò kan ó kéré tán, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá sún mọ́ ibi tó fọ́.

Tí sípù bá ṣí tàbí tí ara báàgì bá ya, ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti tú u. Ẹ má tijú. Tí nǹkan inú ẹ̀ bá fọ́ tàbí tó bá dín, ọjọ́ yẹn ló dáa kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú èyí tó fọ́ níta.

Ó wá kan káńtà, ibi táwọn èèyàn ti máa ń ṣubú gan-an nìyí. Ẹ wá káńtà tó ń rí sí ẹrù fún ẹ́láìnì tẹ́ ẹ fi balẹ̀, tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ méjì lẹ wọ̀, èyí tó gbé yín kẹ́yìn lẹ máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Agric, ọjọ́bọ̀ ló balẹ̀, igun báàgì ẹ̀ kan ti wọnú, táyà méjì ti lọ. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ sọ fún un pé, "Màmá, ẹ kàn máa lọ sílé, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́." Ẹ̀gbọ́n ní, "Ọmọ mi, màá fi ímeèlì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ fún mi ná." Ìyẹn gan-an lẹ máa sọ. Wọn ò purọ́ o, ímeèlì ṣì máa lọ, àmọ́ ẹni tó bá lọ sílé láìgba fọ́ọ̀mù, òun nìkan ló kù tó máa máa jẹ́rìí fún ara ẹ̀.

PIR, ìyẹn Property Irregularity Report, ni wọ́n ń pe fọ́ọ̀mù yẹn, àwọn kan sì ní tiwọn lọ́tọ̀ fún ẹrù tó bàjẹ́. Tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, nọ́ńbà kan máa jáde, bíi `LOSXX10234`: lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ́pọ́ọ̀tì, LOS sì ni Èkó, méjì tó tẹ̀ lé e ni ẹ́láìnì, nọ́ńbà tiyín ló kù. Tí ò bá sí nọ́ńbà yẹn, ẹ ò tíì gba nǹkan kan, bébà lásán ni wọ́n fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ ya fọ́ọ̀mù náà níbẹ̀ torí inkì àwọn ẹ̀rọ wọn máa ń parẹ́.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ. Ti ẹ̀gbọ́n yẹn, igun tó wọnú nìkan ni wọ́n kọ, wọ́n wá mààkì ẹ̀ pé ó bàjẹ́ díẹ̀, wọn ò tiẹ̀ dárúkọ táyà rárá. Ó ní kí wọ́n fi táyà méjèèjì sí i, kí wọ́n sì kọ ẹ̀gbẹ́ tó wà. Ohun tí ò bá sí nínú fọ́ọ̀mù, ẹni tó máa ka ímeèlì yín ní ọ́fíìsì wọn lókè òkun á ní lẹ́yìn tẹ́ ẹ délé ló ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀ láti tún un kọ, ẹ fi báírò tiyín kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ máa fọwọ́ sí (ẹ mú báírò dání, káńtà yẹn kì í ní).

Nígbà míì wọ́n lè gbé báàgì míì fún yín lójú ẹsẹ̀, tàbí owó díẹ̀. Ó lè dáa, èmi ò ní kẹ́ ẹ má gbà á, àmọ́ ẹ wò ó bóyá bébà tẹ́ ẹ fẹ́ fọwọ́ sí sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí pátápátá. Tí nǹkan inú ẹ̀ bá tún bàjẹ́ tẹ́ ẹ sì ti fọwọ́ sí ìyẹn, ẹ ò ní rí èèyàn bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Fọ́ọ̀mù kọ́ ni ìbéèrè owó o. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gba PIR, wọ́n á lọ jókòó sílé máa retí kí wọ́n pè wọ́n, ọjọ́ á sì kọjá. Òfin ní kẹ́ ẹ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 tẹ́ ẹ gba ẹrù, ọjọ́ kàlẹ́ńdà sì ni, kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Sátidé wà ńbẹ̀, Sọ́ńdè wà ńbẹ̀, tí Iléyá bá bọ́ sáàárín, òun náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó gba báàgì lọ́jọ́bọ̀ ọjọ́ 5, ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 12 ló máa tán. Èmi kì í jẹ́ kó ju ọjọ́ kẹta lọ. Tó bá jẹ́ pé báàgì pẹ́ kó tó dé, ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́ lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka 7 yẹn fún ibi tó fọ́, fún owó tẹ́ ẹ ná nítorí pé ó pẹ́, ọjọ́ 21 lẹ ní.

PIR àmì ẹ̀rí lásán ni, àwọn ẹ́láìnì kan sì máa ń gbà á bí ẹ̀sùn tó pé, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́, ẹ fi ímeèlì tàbí fọ́ọ̀mù orí wẹ́bùsáìtì wọn ránṣẹ́ náà. Nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà PIR, nọ́ńbà ọkọ̀ òfuurufú àti ọjọ́, nọ́ńbà táàgì, ohun tó bàjẹ́ gan-an, àti iye owó tẹ́ ẹ ń béèrè. Ẹ so bọ́dìn páàsì, fọ́tò táàgì, fọ́tò ṣáájú àti lẹ́yìn, àti rìsíìtì báàgì mọ́ ọn. Kò sí rìsíìtì? Ímeèlì ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á tàbí ìwé báǹkì tó gbé owó yẹn jáde á ṣe é. Ẹ ya skírínṣọ́ọ̀tì pé ó ti lọ, torí òfin ń wo ọjọ́ tẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́.

Ẹ má fi Wọ́sáàpù gbé fọ́tò yẹn bí fọ́tò lásán o, ó máa ń fún un pọ̀, ó sì máa ń yọ ọjọ́ àti àkókò tó wà nínú ẹ̀. Láti ẹ́pọ́ọ̀tì, ẹ fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, ọjọ́ ẹ̀ á wà níbẹ̀ láìsí àríyànjiyàn.

Ẹ́láìnì lè ní kẹ́ ẹ mú lẹ́tà ẹni tó ń tún báàgì ṣe wá, pé kò ṣe é tún ṣe tàbí iye tó máa gbà. Kò pọn dandan kó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ẹ̀gbọ́n yẹn lọ bá ṣúmékà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Sábó ní Sátidé, ẹni yẹn kọ ọ́ sínú bébà tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀ lórí pé igun tó wọnú yẹn ti ya tán nínú, pé táyà tuntun ò lè dúró lára ẹ̀. Ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ ní Sọ́ńdè. Owó tí wọ́n san ò tó iye tó ra báàgì, torí wọ́n yọ owó ọdún tó ti lò ó kúrò, ohun tí wọ́n sì máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ béèrè iye tó bọ́gbọ́n mu láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san lábẹ́ òfin yẹn, láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ni SDR 1,519 fún ẹni kọ̀ọ̀kan. SDR ni owó ìṣirò tí àjọ IMF ń lò, iye yẹn sì lé díẹ̀ ní dọ́là 2,000. Gbogbo báàgì yín lápapọ̀ ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe báàgì kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ẹ pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé báàgì fúnra ẹ̀ ni ò dáa, tó fọ́ nítorí pé ó ti gbó, wọn ò jẹ yín ní kọ́bọ̀ fún ìyẹn.

Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ tún fi ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ lórí èyí tẹ́ ẹ ti kọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè gbé e lọ bá àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ èrò ní NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà. Kóòtù náà wà, ọdún 2 péré sì ni, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ gúnlẹ̀. Báàgì fífọ́ yẹn, ẹ má jù ú nù, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lò, ẹ tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí owó á fi wọ àkáǹtì, torí wọ́n lè ní káwọn wá wò ó.